Ìpara oòrùn fún àwọ̀ dúdú: Ṣé funfun tó ń kù lójú fi hàn pé agbára rẹ̀ kò tó ni?

Bí aago 11 àárọ̀ bá ti kọjá lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, oòrùn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Àwọn tó ń tajà lábẹ́ agboòrùn ní ọjà Àjá, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní etí títì, títí dé orí àwọn tó wá gbafẹ́ létíkun Ẹlégùṣì, gbogbo wọn ló ń gba ìpín tiwọn. Ti etíkun tilẹ̀ le jù, nítorí yanrìn gbígbẹ àti ìfóófòó omi òkun náà máa ń dá lára ìtànṣán padà sí ojú ènìyàn láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìpara tó ń gbèjà ara lọ́wọ́ oòrùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sọ́nsíkíríìnì, fi wà lórí àtẹ nínú ilé ìtajà láàárín àwọn ìpara mìíràn.

Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ níwájú àtẹ náà. Obìnrin adúmáradán kan yóò fún díẹ̀ nínú ìpara sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, yóò fi ìka rà á, ọwọ́ náà yóò sì funfun bíi pé ẹfun ni wọ́n fi kùn ún. Yóò dá a padà sórí àtẹ, yóò ní kò wọ ara, pé ìpara tí kò bá wọ ara kò lè ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn yóò sọ òdìkejì rẹ̀, pé èyí tó bá funfun jù ló lágbára jù. Àwọn méjèèjì ni ojú tàn jẹ, nítorí ìtànṣán tí ìpara náà wà fún kì í ṣe èyí tí ojú lè rí.

Oríṣi méjì ni ìpara yìí. Èyí tí a ń pè ní ti àlùmọ́ọ́nì ni wọ́n fi ìyẹ̀fun síńkì ọ́ksáídì tàbí ti títániọ́mù dáyọ́ksáídì ṣe. Ìyẹ̀fun náà kúnná gan-an, kò sì yòrò, orí awọ ara ló máa ń tẹ́ sí. Èkejì ni ti kẹ́míkà, bí irú àwọn tó ní afobẹnsóònù àti ọ́któkíríléènì nínú. Àwọn wọ̀nyí ti yòrò mọ́ ìpara, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi àmì funfun sílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ti àlùmọ́ọ́nì máa ń ta ìtànṣán nù bíi dígí, pé ti kẹ́míkà ló ń fa á mu. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ti àlùmọ́ọ́nì ń ta nù nínú ìtànṣán tí ojú kò rí. Ìyókù tó dá dúró, fífà ló ń fà á mu, tó sì ń sọ ọ́ di ooru díẹ̀ tí ara kò lè fura sí, gẹ́gẹ́ bí ti kẹ́míkà náà ṣe ń ṣe.

Níbo wá ni funfun náà ti ń wá? Títániọ́mù dáyọ́ksáídì yìí kan náà ni wọ́n ń fi sínú ọ̀dà funfun tí a fi ń kun ilé. Bí hóró ìyẹ̀fun bá tóbi dé ìwọ̀n kan, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí yóò kọlù ú, yóò sì fọ́n padà sí ojú ẹni tó ń wò. Lára ẹni tó pupa, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Lára adúmáradán, ó máa ń hàn kedere. Tí wọ́n bá lọ hóró náà títí tí kò fi tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìlímítà, funfun náà yóò dín kù púpọ̀, àmọ́ ìpara náà yóò ṣì máa fa ìtànṣán oòrùn mu.

Ewu kékeré kan wà níbẹ̀ o. Tí títániọ́mù bá ti kúnná jù, ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì ká ìtànṣán UVB tó ń jó ara, ṣùgbọ́n yóò rọ díẹ̀ sí UVA tó ń wọlé jinlẹ̀, tó sì ń mú kí ara ṣú. Síńkì ló ń gbèjà lọ́wọ́ méjèèjì dáadáa. Nítorí náà, bí ìpara àlùmọ́ọ́nì kan kò bá funfun rárá, tó sì jẹ́ pé títániọ́mù nìkan ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí olùrà wá àmì UVA tí wọ́n fi òbìrí ká mọ́, tàbí ọ̀rọ̀ tó sọ pé ó ń gbèjà lọ́wọ́ ìtànṣán méjèèjì.

Nọ́ńbà SPF tó wà lára ike ìpara ni a fi ń mọ agbára rẹ̀ sí UVB. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọn ti àlùmọ́ọ́nì àti ti kẹ́míkà: wọn yóò fi ìpara náà pa awọ ènìyàn ní ìwọ̀n mílígíráàmù 2 sí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, wọn yóò tan iná tó dà bíi ti oòrùn sí i, wọn yóò sì wo ìgbà tí awọ yóò pọ́n. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 30, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jó ara ló ń kọjá. Tí ó bá jẹ́ 50, ìdá 2 ni. Èyí tó ní 50 tó sì funfun, àti èyí tó ní 50 tí kò funfun, ẹgbẹ́ ni wọ́n, bí a bá fi wọ́n para ní ìwọ̀n kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn, níbi ìwọ̀n. Kí a mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Àjá, tó ra ìpara gíráàmù 50 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 50. Bí ojú àti ọrùn rẹ̀ bá fẹ̀ tó 600 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, gíráàmù 1.2 ló gbọ́dọ̀ lò lẹ́ẹ̀kan, èyí tó sún mọ́ ìlà ìpara méjì tí a fún sórí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín láti ìdí dé ṣóńṣó. Tó bá ń pa á lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìpara náà yóò tán ní nǹkan bí ọjọ́ 41. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò fẹ́ kí ojú òun funfun bí ẹni tó da àtíkè sójú, bíńtín ló ń mú, ìpara náà sì lo oṣù mẹ́rin gbáko. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ ló ń pa. Agbára 50 tó sanwó fún yóò wá máa ṣe bíi nǹkan bí 17 lójú rẹ̀, ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Funfun náà kò dín agbára ìpara kù, ọwọ́ tó ń fi í para ló mú kó kéré. Ẹni tó bá sì ń jókòó sínú oòrùn gbọ́dọ̀ tún un pa ní gbogbo wákàtí méjì, yálà ti àlùmọ́ọ́nì ni tàbí ti kẹ́míkà.

Ìgbà kan ṣoṣo wà tí funfun náà ń sọ òótọ́ nípa àìlera: bí ó bá rí kálákàlá. Bí ojú bá funfun káàkiri bákan náà, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kó jọ síbi imú àti ìdí irun, tí àwọn ibòmíràn sì mọ́ fo, tàbí tó ń dì kóró-kóró tó sì ń já bọ́ bí èérí, ìpara kò tẹ́ dọ́gba, ibi tó mọ́ fo náà sì ni oòrùn yóò gbà wọlé. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pípa á lé ìpara mìíràn tí kò tíì gbẹ, tàbí ríra á títí tó fi ń hó. Kí a jẹ́ kí ìpara àkọ́kọ́ wọ ara, kí a pín ti oòrùn sí ọ̀nà méjì, kí a rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Pípò ó pọ̀ mọ́ òrí tàbí ìpara mìíràn kí funfun rẹ̀ lè dín kù kò dára, nítorí ńṣe ni èèyàn ń bu omi là á. Bí ìpara tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀ lójú oòrùn bá ti ya sí omi àti òróró, tàbí tó ń ṣe ṣàkáṣàkà lọ́wọ́, dídà á nù ló yẹ.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni adúmáradán tún ń wá lọ́dọ̀ ìpara oòrùn. Lóòótọ́, àwọ̀ dúdú fúnra rẹ̀ jẹ́ ààbò. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979 rí i pé ojú awọ ènìyàn dúdú ń ṣiṣẹ́ bí ìpara tí nọ́ńbà rẹ̀ tó 13, nígbà tí ti òyìnbó kò ju nǹkan bí 3 lọ. Àfín kò ní ààbò yìí rárá, oòrùn sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ fún un láti ìgbà èwe. Dandan ni ìpara tó lágbára, fìlà abetí gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn fún un, ì báà funfun, ì báà má funfun.

Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù, ohun tó ń dà wọ́n láàmú jù ni àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ àti èyí tó ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́, pàápàá lára aláboyún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sá lọ bá ìpara abóra nítorí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ń burú sí i. Ìwádìí tó jáde láti ìlú Detirọ́ìtì lọ́dún 2010 fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú ń rí pàápàá máa ń mú kí awọ aláwọ̀ dúdú ṣú, kí ó sì pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí awọ òyìnbó. Ìpara kẹ́míkà tó mọ́ gaara kì í dí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ti àlùmọ́ọ́nì tó funfun ń dí i díẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ló ń tú ká tó fi ń funfun. Èyí tó ń dí i jù ni ìpara tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù ọ́ksáídì pa láró, ohun kan náà tó mú kí irin tó dípẹtà pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ yìí ló tún ń bo funfun mọ́lẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èyí tó bá adúmáradán mu gan-an kò wọ́pọ̀, kí olùrà dán an wò ní ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, ní ìta gbangba, kó tó sanwó.

Ti kẹ́míkà náà ní ibi tó kù sí. Afobẹnsóònù máa ń bàjẹ́ nínú oòrùn bí wọn kò bá fi ohun tó ń dì í mú, bí ọ́któkíríléènì, sí i, òógùn sì lè gbé e wọ ojú kó máa ta ènìyàn. Lọ́dún 2019, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà rí díẹ̀ nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó. Wọ́n ní ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó léwu, àmọ́ àyẹ̀wò ṣì yẹ kó tẹ̀ síwájú.

Nítorí náà, ẹni tí àmì dúdú ń yọ lẹ́nu, kí ó wá ti àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n pa láró. Ẹni tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, tí funfun sì ń mú kó máa fi ìpara ṣahun, ti kẹ́míkà tó lè pa dé ìwọ̀n sàn fún un ju ti àlùmọ́ọ́nì tó ń bẹ̀rù láti pa lọ. Bí oṣù mẹ́rin bá sì kọjá tí ike kékeré kan kò tíì tán, kì í ṣe ìpara ló yẹ kó dá lẹ́bi.