Ìkówọlé ọ̀pọ̀ ọ́dà láti inú fáìlì CSV

Gbígba ọ̀pọ̀ ọ́dà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ́dà kan lórí ìlà kan. Fún ẹni tó ń ta dátà fóònù ní Kùmásì, nọ́ńbà oníbàárà àti iye gígábáìtì ti tó fún ìlà kan. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Gánà jẹ́ díjíìtì 10, òdo ló sì ṣáájú. Bí a bá ṣí fáìlì náà nínú Excel, Excel sábà máa ń ka nọ́ńbà náà sí iye lásán, á sì gé òdo iwájú dànù.

Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò kí dátà tó lọ. Èyí tó pé á wọlé. Èyí tí a kọ̀ á bọ́ sínú ìjábọ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀:

```
ìlà,nọ́ńbà,gb,ìdí
4,240000012,5,díjíìtì 9: òdo iwájú sọnù
```

Ìlà àkọlé ni a ń kà sí 1, kí 4 yìí lè bá ohun tí olóko-òwò ń rí nínú Excel mu. Díjíìtì 9 ṣeé tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ 8, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó sọnù. Àwọn ìlà tí a kọ̀ nìkan ni kí olóko-òwò tún gbé wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti gba dátà á gbà á lẹ́ẹ̀kejì.