Ẹ, yín, wọ́n: arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀

ẹ (olùwà), yín (àbọ̀ àti ẹ̀yán), ẹ̀yin (arọ́pò-afarajorúkọ). 1. Àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. 2. Ẹnì kan ṣoṣo tí à ń bá sọ̀rọ̀, tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí.

wọ́n (olùwà), wọn (àbọ̀ àti ẹ̀yán), àwọn (arọ́pò-afarajorúkọ). 1. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn, bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. 2. Ẹnì kan ṣoṣo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí. 3. Ẹni tí a kò dárúkọ, tí kò sì pọn dandan kí a dárúkọ rẹ̀: *Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ mi.*

Ìlò. Arọ́pò-orúkọ Yorùbá kì í sọ bóyá ọkùnrin ni ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí obìnrin. Ohun tí ó máa ń sọ ni ipò tí ẹni náà wà sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1997: ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni èdè náà ń yà sọ́tọ̀, kì í ṣe akọ àti abo. Nítorí náà, kò sí ẹni tí à ń pè ní *ẹ* nígbà gbogbo, kò sì sí ẹni tí à ń pè ní *o* nígbà gbogbo. Ẹni ọgọ́ta ọdún tí gbogbo àdúgbò ń kí pé *Ẹ káàárọ̀* ni ìyá rẹ̀ ń kí pé *Káàárọ̀ o* nínú yàrá.

Ọjọ́ orí nìkan sì kọ́ ni à ń kà. Nínú agboolé, ọjọ́ tí ènìyàn wọ ilé ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ọmọ bíbí inú ilé wọ ilé ní ọjọ́ tí a bí i. Ìyàwó wọ ilé ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ ọdún 7 tí ìyàwó bá nílé jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un nínú ilé náà, ó sì jẹ́ ọkọ rẹ̀. Ní àtijọ́, ìyàwó kì í pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a sọ ọ́. Ìnagijẹ ni ó máa ń fún un, bí Ìbàdíàrán tàbí Bàbá Kékeré. Olùtumọ̀ tí ó bá rí *ọkọ mi* lẹ́nu obìnrin tí ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ẹni tí ó fẹ́ ẹ.

Ipò náà lè borí ọjọ́ orí. Ọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́ lè kéré sí ọ̀pọ̀ àwọn ìjòyè rẹ̀, síbẹ̀ *ẹ* àti *Kábíyèsí* ni wọn yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Níbi iṣẹ́ ni ọ̀ràn ti máa ń díjú, nígbà tí ọ̀gá bá kéré ní ọjọ́ orí sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí àwọn méjèèjì máa lo *ẹ* fún ara wọn, èkíní nítorí ipò, èkejì nítorí ọjọ́ orí. Ẹni tí ó bá gbọ́ *ẹ* láti ẹnu méjèèjì kò lè fi ìyẹn nìkan mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá.

Ẹ tí kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Àṣìṣe tí ó máa ń pẹ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ wá láti inú ọ̀rọ̀ méjì tí ìrísí wọn jọ ara wọn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, *ọ* tí ó jẹ́ àbọ̀ máa ń di *ẹ*, *rẹ* tí ó jẹ́ ẹ̀yán náà sì máa ń di *ẹ*. Ẹyọ ẹnìkejì láìsí ọ̀wọ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Nípa bẹ́ẹ̀, *ẹ* tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ń bu ọlá fúnni, *ẹ* tí ó tẹ̀lé e kò sì bu ọlá kankan:

*Ẹ ṣé gan-an.* (ọ̀wọ̀ wà)
*Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.* (kò sí ọ̀wọ̀)
*Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.* (ọ̀wọ̀ wà)

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé *ẹ* ni ti àgbà máa ń sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé *Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ti rí ọmọ ẹ*. Ìdajì gbólóhùn náà dára. Ìdajì kejì sọ ìyá di ẹgbẹ́ rẹ̀. *Mo ti rí ọmọ yín* ni ó yẹ. Ọ̀nà láti yẹ ara ẹni wò kò le: kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ibi tí *ẹ* dúró sí. Bí kò bá jẹ́ olùwà, tí àgbà sì ni à ń bá sọ̀rọ̀, *yín* ni kí ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá gbólóhùn dé òpin. *Ẹ jọ̀wọ́, mú ìwé rẹ wá* kò dára fún àgbà, kò sì dára fún ọmọdé. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. *Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé yín wá* ni. Bákan náà, *sà* àti *mà* kì í tún gbólóhùn tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Wọ́n ń kún *Ẹ káàárọ̀*. Wọn kò lè gba ipò *ẹ*. Ẹni tí ó sọ pé *Jókòó, sà* ti pàṣẹ fún àgbà ná kí ó tó rántí *sà*.

Wọ́n mẹ́ta nínú lẹ́tà kan. Fún olùtumọ̀ tí ń ti inú Yorùbá lọ sí èdè mìíràn, *wọ́n* ni ó léwu jù, nítorí ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kọ sókè lè pàdé nínú ìlà kan. Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà yìí, tí a ṣe fún àpẹẹrẹ:

*Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Màmá àti Bọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn lánàá. Wọ́n ní kí wọ́n máa lo oògùn kan láàárọ̀, kí ó sì máa lo méjì. Ẹ bá wa rí i pé wọ́n jẹun kí wọ́n tó lò ó.*

Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìkan yóò kà á pé Màmá àti Bọ́lá ni wọ́n sọ̀rọ̀, pé àwọn méjèèjì ni yóò máa lo oògùn kan, yóò sì wá máa wá ẹni kẹta tí yóò lo méjì. Ìwọ̀n oògùn ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kò yẹ kí a méfò.

*Ó* ni kí a kọ́kọ́ dì mú, torí pé ẹyọ ni, kò sì ní ọ̀wọ̀. Nínú àwọn méjì tí a dárúkọ, Màmá kò lè jẹ́ *ó* lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Bọ́lá ni *ó*. Bọ́lá ni yóò lo méjì. Èyí náà sì fi hàn pé Bọ́lá kì í ṣe àgbà fún ẹni tí ó kọ lẹ́tà. *Wọ́n* tí ó wà nínú *kí wọ́n máa lo* wà ní ìdojúkọ *ó*, nítorí náà Màmá nìkan ni: oògùn kan láàárọ̀. *Wọ́n* tí ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kejì ni ẹni tí ó pàṣẹ oògùn, ìyẹn àwọn ilé ìwòsàn tí a kò dárúkọ. Aláìsàn kì í fúnra rẹ̀ sọ iye oògùn tí yóò lò. *Wọ́n* ti gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni ó ṣòro. Ó lè jẹ́ Màmá, ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì, kò sì sí ohun kan nínú gírámà tí yóò yanjú rẹ̀. Níbẹ̀, ó tọ́ kí olùtumọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. *Ẹ* inú gbólóhùn náà ńkọ́? *Ẹ̀gbọ́n mi* tí ó ṣí lẹ́tà náà ti dáhùn: ẹnì kan ni, àgbà ni.

Ká ní ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó kọ lẹ́tà ni Bọ́lá, *wọ́n* ni yóò jẹ́ fún un pẹ̀lú, gbogbo ọ̀nà tí a fi yanjú rẹ̀ yóò sì parẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá mọ èyí a máa tún orúkọ pè: *kí Màmá máa lo kan, kí Àǹtí Bọ́lá máa lo méjì*. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gan-an bá ni à ń bá sọ̀rọ̀, *gbogbo yín* tàbí *ẹ̀yin méjèèjì* máa ń mú iyèméjì kúrò. *Àwọn* tí a fi ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ kò tó ẹ̀rí mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òde òní, nítorí *àwọn mọ́mì mi* lè jẹ́ ìyá kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá di o. Nínú ìtàn àti eré, ìyípadà arọ́pò-orúkọ máa ń jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ayálégbé tí ó ti ń bẹ onílé pé *Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i*, tí ó wá sọ lójijì pé *Ṣe ohun tí o bá fẹ́*, ti já okùn náà kí ó tó bú ẹnikẹ́ni. Ní èdè tí kò ní ìyàtọ̀ yìí, gbólóhùn kejì yóò rọ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Olùtumọ̀ lè fi orúkọ oyè sí àwọn gbólóhùn ti ìṣáájú, kí ó sì yọ ọ́ kúrò níbi tí *o* ti wọlé.

Ibi tí òfin yìí kò dé. Nínú àdúrà, *ìwọ* ni à ń pe Ọlọ́run. Bíbélì Yorùbá tí ó jáde ní odindi ní 1884 tẹ̀lé iye tí ó wà nínú ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà *ìwọ* ni wọ́n fi ń bá ọba pàápàá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Oríkì náà a máa pe ọba àti òrìṣà ní *o* àti *ó*, kò sì sí ẹni tí yóò kà á sí àrífín. Olùtumọ̀ tí ó bá fi *ẹ* sí irú ibẹ̀ ti ba ohùn iṣẹ́ náà jẹ́.

*Ẹ* àti *wọ́n* ti ọ̀wọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn, bí Ọ̀yọ́, àti ti Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó bá a tan. Ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn, ẹnìkejì ọ̀pọ̀ àti ẹnìkẹta ọ̀pọ̀ ti di ọ̀kan: *àn án wá* lè túmọ̀ sí *ẹ wá*, ó sì lè túmọ̀ sí *wọ́n wá*. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìlò ọ̀wọ̀ ni ó dá àwọn méjèèjì sí ní ìhà Ọ̀yọ́. Àgbàlagbà tí ó bá ń sọ ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ lè fi arọ́pò ẹyọ bá ẹni tí ó jù ú lọ sọ̀rọ̀ láìsí àrífín.

Lójú ẹ̀rọ. A kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí yóò ka ohun tí a kọ sójú fóònù, nítorí náà *ẹ* ni ó yẹ fún gbogbo gbólóhùn tí ó bá òǹkàwé sọ̀rọ̀: *Ẹ tún ọ̀rọ̀ aṣínà yín tẹ̀.* Bọ́tìnì kò rí bẹ́ẹ̀. *Fi ránṣẹ́* àti *Padà* ń sọ orúkọ iṣẹ́ tí bọ́tìnì ń ṣe. *Ẹ fi ránṣẹ́* lórí bọ́tìnì máa ń gùn lásán. Ohun tí kò yẹ ni kí ìlà kan náà ní *ẹ* lókè kí ó sì ní *rẹ* nísàlẹ̀, èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn méjì bá pín iṣẹ́ ìtumọ̀ láàárín ara wọn. Kí àmì ohùn náà má sì ṣe sọnù, nítorí *O ti sanwó* àti *Ó ti sanwó* kò jọ ara wọn: èkíní ń bá ẹni tí ń kà á sọ̀rọ̀, èkejì ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.