Kọ́kọ́rọ́ àṣírí API: ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ sí nínú áàpù oníbàárà

Kọ́kọ́rọ́ àṣírí API ni ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí sáfà fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè pàṣẹ lórúkọ ẹni tó ni ín. Ìdí nìyí tí kò fi gbọ́dọ̀ sí nínú kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tàbí bíráúsà oníbàárà.

Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, máa ń fún oníṣòwò ní oríṣi kọ́kọ́rọ́ méjì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `pk_live_` lè wà ní gbangba, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ìsanwó nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_live_` ni ti àṣírí.

Ká ní oníṣòwò kan ní Gowon Estate, lágbègbè Ẹ̀gbẹ́dá, ń ta bàtà lórí áàpù, ẹni tó bá a ṣe é sì kọ `sk_live_` sínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gba áàpù náà ti gba kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú. Àṣẹ méjì péré ló máa fi hàn:

```
jadx -d ojade app.apk
grep -r "sk_live_" ojade
```

Bí ìlà kejì bá mú nǹkan jáde, àṣírí ti tú. Olè lè ka àdírẹ́sì ímeèlì àwọn oníbàárà. Ó tún lè ṣe ayédèrú ẹ̀rí ìsanwó: bí owó bá wọlé, Paystack máa ń fi ìròyìn `charge.success` ránṣẹ́ sí sáfà, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà ló sì fi ń ṣe òǹtẹ̀ `x-paystack-signature` tó bá a rìn. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè ṣe òǹtẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kí bàtà ₦15,000 sì jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí kọ́kọ́rọ́ wà lórí sáfà oníṣòwò. Sáfà ni yóò fi iye owó, 1500000 ní kọ́bọ̀, ránṣẹ́ sí `/transaction/initialize`, tí yóò sì fún áàpù ní `access_code` nìkan. Kí ọjà tó jáde, sáfà yóò fi `/transaction/verify` wò ó bóyá owó wọlé, tó sì pé.

Dídín agbára kọ́kọ́rọ́ kù máa ń dín ìbàjẹ́ kù. Stripe, tó ra Paystack ní 2020, ní kọ́kọ́rọ́ `rk_live_` tí kì í ṣe ju iṣẹ́ tí oníṣòwò bá yàn fún un lọ. Paystack gbà kí oníṣòwò to àdírẹ́sì IP sáfà rẹ̀ sílẹ̀, kí àṣẹ tó bá ti ibòmíràn wá má lè wọlé. Ṣùgbọ́n èyí kò dá òǹtẹ̀ ayédèrú dúró, nítorí olè kò ní kan sí Paystack kó tó ṣe é. Pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń pa ti àtijọ́ run, títí kan èyí tí wọ́n ti pa rẹ́ nínú kóòdù àmọ́ tó ṣì wà nínú ìtàn Git.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí sáfà, ibì kan ṣoṣo ni a ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá wà nínú áàpù, ìsanwó yóò dúró lórí gbogbo fóònù tí kò tíì gba áàpù tuntun. Síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó bá ti dé ọwọ́ oníbàárà rí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.