Oògùn Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le: Lórí Lẹ́tà Akẹ́kọ̀ọ́ Kan àti Ohun Tí Àwa Olùwádìí Ìwòsàn Kì í Béèrè

Lẹ́tà tó bí àpilẹ̀kọ yìí kò ju ojú ìwé méjì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ ọ́, ó ń béèrè àyè láti gboyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀sìn àti ìwòsàn láàrin àwọn ará ìgboro Ìbàdàn. Ó ti gbà kí n jíròrò rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Lẹ́tà tó dára ni. Ó ti ka Peel, ó ti ka Maclean, ó sì mọ ibi tí Janzen bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jiyàn. Ó sọ adúgbò tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ó sọ iye oṣù tó fẹ́ lò níbẹ̀. Èrò tó gbé e ró ni pé ará ìgboro ní ọ̀nà ìwòsàn mẹ́ta níwájú, ìyẹn ọsibítù, ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn, ó sì ń yan èyí tó wù ú tàbí kó da méjì pọ̀. Èrò yìí ni mo fẹ́ takò, ẹ̀rí tí màá fi takò ó sì wà nínú lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ní ìpínrọ̀ kẹrin, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ kò ti kà á sí.

Ìpínrọ̀ náà sọ̀rọ̀ màmá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ pé màmá yìí “ń lo ọsibítù àti ilé àdúrà pa pọ̀.” Bí ẹ̀rí, ó ṣàpèjúwe orí tábìlì inú yàrá màmá: ìgò omi àdúrà kan, àbẹ́là méjì, Bíbélì, àti oògùn amlodipíìnì, káàdì méjì tí a kò tíì já rárá àti ọ̀kan tó ku hóró mẹ́ta. Gbólóhùn méjì lẹ́yìn èyí, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n fún màmá ní káàdì mẹ́ta, hóró mẹ́wàá nínú káàdì kọ̀ọ̀kan, pé kó máa lo ẹyọ kan lójúmọ́. Ó tún ní màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28. Nínú hóró 30, méjì péré ló yẹ kó kù. Ohun tó kù lórí tábìlì jẹ́ 23. Hóró méje ni màmá lò, ọjọ́ méje pẹ̀lú ọjọ́ 21 ààwẹ̀ sì jẹ́ 28 géérégé. Màmá lo oògùn ní ọ̀sẹ̀ kan, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oògùn dúró. Kò da nǹkan kan pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ bọ́ sí èkejì. Ó ṣeé ṣe kí n ti ka ohun tó pọ̀ jù sínú iye yìí, nítorí hóró méje lè jẹ́ èyí tí a lò ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra láàrin oṣù. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gba bẹ́ẹ̀, ẹni tó lo hóró méje nínú 28 lo ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n ní kó lò, kò sì sí bí a ṣe lè pe ìyẹn ní lílo méjèèjì pa pọ̀.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ìwádìí yìí dúró lé ni ìyàtọ̀ láàrin lílò àti jíjáwọ́. Ohun tí èèyàn ń lò hàn sí ojú. Ìgò omi wà lórí tábìlì, àbẹ́là ń jó, káàdì ọsibítù wà nínú dúrọ́ọ̀. Jíjáwọ́ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ tí olùwádìí lè gbé lọ́wọ́ wò, àfi bí ó bá ka ohun tó yẹ kó ti tán. Bí o bá bi ará ìgboro pé, “Kí lẹ lò sí àìsàn yín?” yóò ka gbogbo rẹ̀ fún ọ, òótọ́ ni yóò sì sọ, nítorí ó lo gbogbo wọn ní ọjọ́ kan tàbí òmíràn. Ìbéèrè yẹn kò lè gbé jíjáwọ́ jáde láéláé. Ìbéèrè tó lè gbé e jáde ni, “Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí, kí lẹ fi sílẹ̀?” Nínú ọ̀rọ̀ tiwa náà, ẹni tó ń ṣe ààwẹ̀ kì í sọ pé òun ń lo ààwẹ̀. Ó ń gba ààwẹ̀ ni, ohun tó ń gbà náà sì jẹ́ àìjẹ àti àìmu. Ìwòsàn tí a fi yíyẹra ṣe ni.

Èmi kò mọ ìdí tí Maclean, tó gbé ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn ní Ìbàdàn jáde ní 1971, kò fi gba ọ̀nà yìí. Bóyá àwọn àìsàn tó jẹ ẹ́ lógún ló fà á, nítorí ibà àti inú rírun máa ń yá tàbí kó burú sí i kí èèyàn tó ráyè jáwọ́. Janzen ní tirẹ̀, ní 1978, kọ́ wa pé ìbátan aláìsàn ló ń pinnu ibi tí a ó gbé e lọ. Ní abúlé Kóńgò, mo gbà. Ní ìgboro Ìbàdàn, nínú yàrá kan ṣoṣo tí màmá ń dá gbé, ta ni ìbátan tó jókòó ṣèpàdé lórí hóró oògùn kan láràárọ̀? Kò sẹ́ni tó gbé màmá lọ síbì kankan. Lórí tábìlì rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Peel gan-an ni mo ń lọ, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ṣe òpómúléró. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Aládùúrà ní 1968, Peel fi ìwòsàn hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn èèyàn fi ń dán agbára Ọlọ́run wò: wọ́n ń wá àlàyé àti agbára, wọ́n rí i nínú àdúrà, wọ́n gbà á. Àlàyé tó gún ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjà tó tú àwọn èèyàn wọ̀nyí ká kúrò lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Apostoliki tó ti Bìrìtéènì wá. Ní nǹkan bí 1939, ọ̀rọ̀ kuiníìnì ló dá a sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ń lò ó, Odùbanjọ àti Akínyẹlé kò gbà, láti inú ìyapa náà ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì sì ti jáde. Peel kò fi ìtàn yìí pamọ́. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé ó kà á sí ìjà lórí ìwòsàn, bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ náà, kò sí aláìsàn níbẹ̀. Ẹni tó ń lo kuiníìnì kí ibà má baà ṣe é kì í ṣe ẹni tí ibà ń ṣe. Oògùn ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n jà lé lórí. Bí oògùn náà bá ti jẹ́ ti ẹni tó wà lórí ẹní àìsàn, ó ṣeé ṣe kí àánú rọ ìjà náà. Ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe é ni lílo oògùn rẹ̀ ti dà bí àìgbàgbọ́ pọ́nńbélé.

Akínyẹlé yìí náà ló jẹ Olúbàdàn ní 1955. Ọba ìlú tí màmá inú lẹ́tà ti dàgbà kì í ṣe ẹni tó ń fi oògùn dáàbò bo ara rẹ̀, n kò sì rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń kọjá lọ láìfi nǹkan sílẹ̀ nínú èrò àwọn ará ìlú. A tún lè lọ sẹ́yìn sí i, sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, tí Sófíà Odùnlàmí ń kéde pé kí àwọn èèyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lo omi òjò. Gbogbo wa la máa ń rántí omi òjò yẹn. Ìdajì kejì ìkéde náà, ìyẹn fífi oògùn sílẹ̀, ni a máa ń fò kọjá.

Ẹ padà wá sórí màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè bóyá wòlíì ló ní kó má lo oògùn. Màmá ní wòlíì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní: “Ara mi le. Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe?” Òótọ́ ló sọ nípa ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ó lè wà ní 180 lórí 110 kí olúwarẹ̀ máa lọ sọ́jà, títí ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé. Amlodipíìnì kì í sì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Ó máa ń rọra tán ní ọjọ́ bíi mélòó kan ni, nítorí náà ẹni tó fi í sílẹ̀ lónìí kò ní rí ohunkóhun lọ́la tí yóò fi mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe. Irú oògùn yìí ni kuiníìnì ayé òde òní. Kì í ṣe ìwòsàn ni ọsibítù ń béèrè lọ́wọ́ màmá. Wọ́n ń béèrè pé kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa gbé oògùn mì títí ayé, ìbéèrè yìí sì ni àwọn Aládùúrà ti dáhùn ní 1939.

Mo gbọ́dọ̀ fi ààlà sí i. Amlodipíìnì máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi í sílẹ̀ nítorí ìyẹn láìsí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀. Owó pẹ̀lú ń dá oògùn dúró, ṣùgbọ́n oògùn ẹni tí owó dá dúró ti tán nínú ilé ni, kì í ṣe pé káàdì méjì wà nílẹ̀ láìjá. Ti ẹsẹ̀ wíwú, lẹ́tà náà kò sọ ohunkóhun, ó sì yẹ kó sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bá jẹ́, “Ṣé bàtà yín kò fún yín?” ì bá ti yà á sọ́tọ̀.

Ti àwọn Mùsùlùmí, màá ṣe kánkán. Ẹni tó mu hàǹtú lọ́dọ̀ àáfáà kì í sábà fi oògùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, lílò lórí lílò ni. Àfi oṣù Ramadan, tí ẹni tó ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ní láti kó gbogbo rẹ̀ sí òru. Ó tọ́ sí orí kan fúnra rẹ̀ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Bí ó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà lọ ni pé kí ó ka hóró oògùn ní ilé, kì í ṣe ní ọsibítù, kí ó sì kà á ní ọjọ́ tí wọn kò retí rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé a ń bọ̀ lè da hóró nù kí iye rẹ̀ lè bára mu. Kí ó kọ ọjọ́ tí wọ́n gba oògùn, iye tí wọ́n gbà, àti bóyá ẹlòmíràn nínú ilé ń bá wọn lò níbẹ̀, nítorí káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń dé ọwọ́ aládùúgbò. Kí ó sì fi ìwé ìṣirò yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ààwẹ̀ àti iṣẹ́ àdúrà tí wọ́n gbà. Níbi tí ọjọ́ méjèèjì bá ti bára mu, ẹ̀rí wà níbẹ̀. Ìṣòro tí n kò rí ọ̀nà yọ nínú rẹ̀ ni ti ẹ̀rí ọkàn: ẹni tó bá ka 23 níbi tí ó yẹ kó jẹ́ méjì kò lè pa ẹnu mọ́, bí ó bá sì ti sọ̀rọ̀, màmá tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe màmá tó wá wò mọ́.

Mo gbà á láàyè pé tábìlì kan kò tó láti fi tún ìtàn ìjọ kan kọ. Síbẹ̀, mo dúró lórí rẹ̀ pé ìgbà tí a bá ka Aládùúrà gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ oògùn ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í ṣe bí àwọn tó yan àdúrà dípò oògùn, ni 1918, 1939 àti yàrá màmá yìí yóò tó jókòó sórí okùn kan. Mo kọ ọ́ sí etí lẹ́tà náà pé kí ó yọ “pa pọ̀” kúrò, kí ó padà lọ béèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú, kí ó sì mú ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ dání.