Bí A Ṣe Ń Kọ Ìròyìn Àṣìṣe Òògùn Láìdá Ẹnikẹ́ni Lẹ́bi

Ohun tí ojú rí ni a ń kọ sínú ìròyìn àṣìṣe òògùn. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ yìí:

“Dókítà kọ parasitamọ́ọ̀lù olómi, mílílítà 5 (mílígíráàmù 120), fún ọmọ oníkílò 10. Ní agogo 10:00 àárọ̀, a fún un ní mílílítà 5 èyí tí a ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu (mílígíráàmù 500). Ìgò méjèèjì wà lórí pẹpẹ kan náà. A sọ fún dókítà àti ìyá ọmọ ní 10:10. Ọmọ náà kò bì.”

“Nọ́ọ̀sì kò fara balẹ̀” jẹ́ ìdájọ́. Iye òògùn àti wákàtí ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá ewu wà fún ẹ̀dọ̀ ọmọ. Ọ̀rọ̀ pẹpẹ ni yóò sì mú kí a ya àwọn ìgò náà sọ́tọ̀.