«Aláìlórúkọ» Kò Tó: Lórí Ìtàn Àìsàn Tí A Fi Ń Kọ́ni ní Wọ́ọ̀dù

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ «ẹjọ́ aláìsàn». Ilé-ẹjọ́ ló ni ẹjọ́, ẹni tí wọ́n bá sì pè lẹ́jọ́ ní láti wí tẹnu rẹ̀. Aláìsàn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìtàn àìsàn ni dókítà ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn àìsàn náà ni kí á máa pè é. Wọ́ọ̀dù, síláìdì àti ráòńdù kò ní wàhálà, nítorí gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń sọ wọ́n. «Àkópọ̀» náà bá a mu nígbà tí a bá kó ọ̀pọ̀ síláìdì jọ sójú ewé kan.

Èyí tó yẹ kí á jiyàn lé lórí ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a ti tún ìtàn náà ṣe débi pé kò sí ẹni tí yóò mọ aláìsàn tó ni ín. «Aláìlórúkọ» ni àwọn kan ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó, pàápàá lẹ́nu Yorùbá, nítorí pé a kì í sábà fi orúkọ dá ara wa mọ̀. Ìyá Ṣadé, Ìyàwó Olùkọ́ àti Bàbá Onírẹsì kì í ṣe orúkọ àbísọ, síbẹ̀ àdúgbò mọ ẹni tí a ń pè.

Ẹ jẹ́ kí á wo síláìdì kan tí mo ṣẹ̀dá fún àríyànjiyàn yìí: «Ìyá Ìbẹ́ta, ọmọ ọdún 31, olùkọ́ ní abúlé kan, bímọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Gìrì mú un ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ. Ìfúnpá 180/120, purotéènì wà nínú ìtọ̀. A fún un ní maginísíọ́ọ̀mù súféètì.» Kò sí orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé náà ti mọ̀ ọ́n.

Bí a bá fẹ́ kó o jọ, ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí a ó mú àti ohun tí a ó fi sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ẹ̀kílámísíà, gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ń fà, lè dé lẹ́yìn tí obìnrin ti bímọ. Nítorí náà, «ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ» gbọ́dọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà kò wúlò. Iṣẹ́ olùkọ́ àti abúlé náà kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan. Ìbẹ́ta ló ṣòro díẹ̀. A kò lè yọ ọ́ pátápátá, nítorí pé oyún ọmọ tó ju ọ̀kan lọ ń mú kí ewu àìsàn náà pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí á kọ «ó bí ju ọmọ kan lọ». Ìbejì pọ̀ láàárín wa ju bó ti pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ, nítorí náà gbólóhùn yìí kò tọ́ka sí ẹnì kan. Ọdún 31 yóò di «ó lé ní ọgbọ̀n ọdún». Ìwọ̀n ìfúnpá àti ìtọ́jú, gíráàmù 4 maginísíọ́ọ̀mù súféètì sínú iṣan àti 5 sí apá ìdí kọ̀ọ̀kan, yóò dúró bí wọ́n ṣe wà.

Kí ni kí á wá pe iṣẹ́ yìí? Àwọn kan dábàá «ìfipamọ́». Ṣùgbọ́n ohun tí a fi pamọ́ ṣì wà. Lórí fóònù gan-an, tí a bá ní kí ẹnìkan fi àwòrán pamọ́, à ń sọ pé kò gbọdọ̀ sọnù. «Ìpàmìrẹ́» ni mo fara mọ́: ì, pa, àmì, rẹ́. Fáwẹ́lì pa wọnú ti àmì gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ọ̀rọ̀ náà sì sọ ohun tí a pa rẹ́, ìyẹn àmì, tí orúkọ jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn.

Iṣẹ́ kejì wà tí kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, èyí ni kí á pe aláìsàn ní «A7» kí ìwé kan sì wà níbì kan tó sọ ẹni tí A7 jẹ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2016 lórí ààbò dátà ṣì ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ti ẹni náà. Mo dábàá «ìdágọ̀bò», láti inú dá agọ̀ bò. Ẹni tó wà nínú agọ̀ eégún kò parẹ́, bí a bá ká aṣọ náà, a ó rí i.

Àpótí dúdú tí a gbé lé orúkọ tó wà ní igun àwòrán ẹ́ksiréè nínú síláìdì, ìdágọ̀bò lásán ni, ẹni tó bá gba fáìlì náà lè fà á kúrò. Àwòrán tí a gé etí rẹ̀ náà ṣì ní etí náà nínú fáìlì, àfi bí a bá lo `Delete cropped areas of pictures`. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ sí síláìdì àkọ́kọ́ bóyá a pàmì rẹ́ ni tàbí a dágọ̀ bò ó. Bó bá jẹ́ agọ̀ ni, kí a kọ ipò ẹni tí ìwé A7 wà lọ́wọ́ rẹ̀.