Awò Tí Ìtànṣán Kò Ti Pàdé: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àtẹ Awò Atúmọ́lẹ̀ká

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ kì í tètè rí wàhálà. Ìmọ́lẹ̀ wà, òjìji wà, ìtànṣán wà, díńgí sì ti di tiwa. Kódà bó bá dé orí awò tó ki láàárín, irú èyí tí àgbàlagbà fi ń kàwé, ọ̀rọ̀ ṣì ń wá fúnra rẹ̀: ìtànṣán wọlé, wọ́n yà, wọ́n pàdé, àwòrán yọ. Orí awò kejì ni ọ̀rọ̀ ti ń há, èyí tó tínrín láàárín tó sì nípọn létí, tí àwọn tí kò ríran jìnnà ń lò. Ìtànṣán tó gba inú rẹ̀ jáde kò pàdé níbì kankan, síbẹ̀ a ń rí àwòrán. Èrò mi ni pé awò yìí ló yẹ kí a fi dán gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ wa wò. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ̀ lórí rẹ̀ kò tíì tó í kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ awò náà. Mo ń pè é ní awò nítorí pé awò ojú ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní léńsì kò ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ sọ ọ́ ní awò oníkòtò, nítorí bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé, pẹ̀lú kòtò níwájú àti kòtò lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gba awò ojú ẹni tí kò ríran jìnnà, kí ẹ fi ìka pa á níwájú. Níṣe ló máa ń yọ síta díẹ̀. Kòtò tó wà lẹ́yìn, níhà tó kọjú sí ẹyinjú, ló jìn ju yíyọ iwájú lọ, ìyẹn ló sì sọ àárín rẹ̀ di tínrín. Orúkọ tó dá lé kòtò yóò ṣi ọmọ lọ́nà lọ́jọ́ tó bá mú ojúlówó awò lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí awò náà ń ṣe ni kí a fi sọ ọ́: ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Awò atúmọ́lẹ̀ká ni, èkejì rẹ̀ sì ni awò akómọ́lẹ̀jọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ló le jù. Lórí awò akómọ́lẹ̀jọ, ojú ibì kan wà tí ìtànṣán oòrùn ti ń pàdé, tí bébà yóò fi gbaná níbẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò pè é ní ojú-ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà á sì dùn létí. Ṣùgbọ́n awò atúmọ́lẹ̀ká náà ní irú ojú ibẹ̀, ìtànṣán kò sì pàdé níbẹ̀ rí. Ńṣe ni wọ́n jáde bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ojú-ìpàdé já kulẹ̀. Orísun náà kò lè ṣe é, nítorí yóò já kulẹ̀ lórí awò kìíní. Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni ààrò. Johannes Kepler, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ lórí ìràwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀, ló mú ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n ń pe ààrò ìdáná, tó fi sọ irú ojú ibẹ̀ lórí àwọn ìlà títẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1604. Ààrò kò sọ pé nǹkan pàdé, kò sì sọ pé nǹkan túká. Iná ń jó níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ jáde. Awò méjèèjì ló bá a mu. Bí awò bá sì jìnnà sí ààrò rẹ̀ tó, ìyẹn la ó pè ní jíjìn ààrò.

Bébà ni yóò jẹ́rìí sí ìyókù, ẹ jẹ́ ká yà á. Mo ń pe ohun tí a fẹ́ yà ní àtẹ ìtànṣán, mi ò pè é ní àwòrán, nítorí àwòrán la ó fi sọ ohun tí awò náà ń fi han ojú. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ méjèèjì, ìdájì kíláàsì á ti sọnù.

Ẹ dá bébà A4 dùbúlẹ̀, kí ó gùn láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ fi rúlà fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ já. Ìlà àárín nìyẹn. Ní sẹ̀ǹtímítà 17 láti etí òsì, ẹ fa ìlà mìíràn tó dúró ṣánṣán, sẹ̀ǹtímítà 7 lókè ìlà àárín, 7 nísàlẹ̀. Ìlà yìí ló dúró fún awò. Lóòótọ́, ìgbà méjì ni ìtànṣán ń yà nínú awò, nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde, ṣùgbọ́n tí awò bá tínrín, a lè kó yíyà méjèèjì pọ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ kọ O síbi tí ìlà méjèèjì ti kọjá ara wọn. Jíjìn ààrò awò wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà ẹ sàmì A sí 10 lápá òsì O, kí ẹ sàmì B sí 10 lápá ọ̀tún. Ààrò ni àwọn méjèèjì. Ní sẹ̀ǹtímítà 15 lápá òsì O, ẹ fa ọfà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 sókè. Òun ni ohun tí a ń wò.

Ìtànṣán kìíní ti orí ọfà jáde, ó ń bá ìlà àárín rìn láìsún mọ́ ọn, láìjìnnà sí i, títí ó fi kan awò ní gíga 5. Mo ń pè é ní abárìn. Bó bá jáde lódì kejì, yóò yà kúrò lẹ́bàá ìlà àárín, sókè. Báwo la ṣe mọ ibi tó dojú kọ? Ẹ fi rúlà kan A àti ibi tí abárìn ti kan awò. Láti A dé awò, ẹ fa ìlà tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Láti awò lọ sí ọ̀tún, ẹ fa ìlà tí kò já. Ìlà tí kò já ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà lóòótọ́. Ìlà àgéwẹ́ ni ọ̀nà tí ojú rò pé ìmọ́lẹ̀ gbà, tí kò sì gbà. Ọmọ tó bá fa gbogbo rẹ̀ láìgé ti sọ irọ́ lórí bébà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ bọ́ sí i.

Ìtànṣán kejì ti orí ọfà náà jáde, ó gba O kọjá láìyà. Kì í ṣe àṣẹ lásán. Ní àárín gbùngbùn awò, ojú rẹ̀ iwájú àti ojú rẹ̀ ẹ̀yìn dọ́gba sí ara wọn bí ojú díńgí fèrèsé, nítorí náà ìtànṣán á jáde pẹ̀lú ìdojúkọ tó fi wọlé.

Ẹ wo ibi tí ìlà àgéwẹ́ abárìn ti kọjá ìlà ìtànṣán kejì. Bí rúlà yín kò bá yẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 6 ni lápá òsì awò, ó sì ga ní 2. Ẹ fa ọfà àgéwẹ́ kékeré láti ìlà àárín dé ibẹ̀. Àwòrán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbí béèrè ọ̀rọ̀ tó dára gan-an: ìlà kan jẹ́ àgéwẹ́, èkejì kò já, ṣé àwòrán yìí wá jẹ́ òótọ́ lápá kan? Rárá. Ìmọ́lẹ̀ ìtànṣán kejì kọjá níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ohun tí a ń wò ló ti ń bọ̀, ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ìtànṣán mìíràn láti orí ọfà kò bá a pàdé níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde lódì kejì tí ojú fà wọ́n padà sẹ́yìn ni gbogbo wọn tó dà bí ẹni pé ojú ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, nítorí náà ẹ fa ìtànṣán kẹta. Ẹ dojú rúlà láti orí ọfà kọ B lódì kejì, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró nígbà tí ẹ bá kan awò. Gíga 2 ni yóò jẹ́. Láti ibẹ̀ ó jáde, ó ń bá ìlà àárín rìn. Bí ẹ bá fi ìlà àgéwẹ́ fà á padà sí òsì, àfi kí ó kọjá ní orí ọfà kékeré náà. Bí kò bá kọjá níbẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta ti yẹ̀, kí ẹ tún un yà. Ìṣirò náà gbà bẹ́ẹ̀: 1/u + 1/v = 1/f, u jẹ́ 15, f jẹ́ −10, v yóò sì jẹ́ −6.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á darí abárìn sí B, bí ẹni pé awò akómọ́lẹ̀jọ ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n kíákíá: àwọn ìlà rẹ̀ kò ní pàdé lórí bébà, nítorí sẹ̀ǹtímítà 30 lápá ọ̀tún ni wọ́n ń lọ, ní ìdoríkodò. Níbikíbi tí a bá gbé ohun tí a ń wò sí níwájú awò atúmọ́lẹ̀ká, àárín A àti awò ni àwòrán yóò wà, yóò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì kéré sí ohun náà.

Kí la ó wá pe irú àwòrán yìí? Mo ti gbọ́ àwòrán irọ́, mi ò sì fara mọ́ ọn rárá. A rí i, a wọ̀n ọ́n, ìṣirò sọ ibi tó wà. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí a gbà á sórí nǹkan: ẹ na aṣọ funfun síbi sẹ̀ǹtímítà 6 náà, kò ní sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, tí awò inú ẹyinjú rẹ̀ kó àwọn ìtànṣán tó túká náà jọ, òun nìkan ló rí i. Àwòrán àfojúrí ni mo fi ń pè é, mo sì ń pe èkejì, tí aṣọ lè gbà, ní àwòrán àgbàlé. Ojú lè rí àgbàlé náà, ṣùgbọ́n àgbàlé ń bẹ lórí aṣọ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wò ó.

Àwòrán àfojúrí yìí ni ẹni tí kò ríran jìnnà ń wò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ìwé awò rẹ̀ bá kọ −2.00, sẹ̀ǹtímítà 50 ni ààrò awò náà wà, àwòrán òkè tó wà lókèèrè yóò sì wà níbẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ lágbára láti dé.

Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ti awò yìí, ti girama ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún girama, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ kọ́kọ́ fi ya àtẹ yìí lórí bébà tó gùn ju A4 lọ, kí ẹ gbé ohun tí a ń wò sí sẹ̀ǹtímítà 30. Kí àwòrán bọ́ sí 7.5, kí ó sì ga ní 1.25. Bí ọmọ kan bá lè ka ọ̀rọ̀ yín kí ó dé ibẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.